Ẹ̀gúsí, Ẹran, Ẹ̀fọ́: Ta Ló Kó Ọ̀rá Wọnú Ìkòkò?

Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó ti iyán pé kí ló mú ọ̀rá wá sínú ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí, epo pupa tó léfòó lójú ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò nàka sí. Bí wọ́n bá sì béèrè purotéènì, ẹran ni wọn yóò tọ́ka sí. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tó bá gbé gbogbo èlò ọbẹ̀ náà sórí ìwọ̀n kó tó dá iná yóò rí i pé ẹ̀gúsí, tí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ, lè kó ọ̀rá wọnú ìkòkò ju epo lọ, òun náà ló sì fi pẹ́kípẹ́kí tẹ̀ lé ẹran nínú ọ̀ràn purotéènì.

Ìṣírò náà kò le. Alásè yóò wọn èlò kọ̀ọ̀kan ní tútù, yóò wo iye gíráàmù purotéènì àti ọ̀rá tó wà nínú gíráàmù 100 irú èlò bẹ́ẹ̀, yóò sì fi ìyẹn ṣírò ìwọ̀n tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti to iye tó wà nínú gíráàmù 100 oúnjẹ lóríṣiríṣi sínú tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn ni tábìlì oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé gbé jáde ní 2012. Omi tí alásè bá bù kún ọbẹ̀ kò mú nǹkan kan wọlé nínú méjèèjì, omi tó bá sì gbẹ kò kó nǹkan kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ìṣírò fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ìkòkò tó gun iná.

Kóńgò ọjà kò ní tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ohun kan ṣe gba àyè tó ni kóńgò ń wọ̀n, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó. Ẹ̀gúsí tí kò tíì di lílọ̀ ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn, èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò fi àlàfo kankan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kóńgò kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn aṣekéèkì ń lò ló bá a mu.

Ká wá mú ìkòkò kan tó lè jẹ́ ti ilé èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí wọ́n fẹ́ bù sí abọ́ mẹ́jọ. Alásè wọn gíráàmù 300 ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, ó sì lọ̀ ọ́. Ó wọn gíráàmù 600 ẹran màlúù tútù tí kò ní eegun, gíráàmù 500 ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ti ṣà tó sì ti rẹ́, àti gíráàmù 30 edé gbígbẹ. Epo pupa rẹ̀ jẹ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́wàá. Ata, alùbọ́sà, irú díẹ̀ àti iyọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mú wá kéré débi pé a lè fò wọ́n.

Ẹ̀gúsí ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ìjókòó. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀gúsí gbígbẹ tí wọ́n ti bó, purotéènì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28, ọ̀rá sì jẹ́ 47. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ẹ̀gúsí ni òróró. Nínú gíráàmù 300 ti alásè wa, purotéènì di 84, ọ̀rá di 141.

Epo pupa kò fara pamọ́ ní tirẹ̀: gbogbo ara rẹ̀ ni ọ̀rá, kò sì ní purotéènì rárá. Ṣùgbọ́n epo fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan gba mílílítà 15, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 13.5, nítorí náà ṣíbí mẹ́wàá jẹ́ gíráàmù 135. Ọ̀rá inú ẹ̀gúsí, 141, ti jù ú lọ, kódà lọ́wọ́ alásè tí kò háwọ́ epo.

Orí ẹran ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹran màlúù tútù tó ní ọ̀rá níwọ̀nba máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 20 purotéènì àti 10 ọ̀rá nínú 100. Fún gíráàmù 600, purotéènì jẹ́ 120, ọ̀rá jẹ́ 60. Nígbà tí ẹran bá jinná, omi ara rẹ̀ á jáde, á sún kì, gíráàmù 600 yẹn sì lè di 400. Purotéènì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí tó ti kóra jọ sínú ẹran tó kéré, gíráàmù 100 ẹran jíjinná yóò ní nǹkan bíi 30. Tábìlì oúnjẹ máa ń kọ tútù àti jíjinná sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi iye ti jíjinná ṣírò ìwọ̀n ti tútù yóò rí 180 dípò 120, yóò sì máa rò pé ẹran òun kún ju bó ṣe kún lọ. Bí iye purotéènì ẹran nínú ìṣírò èèyàn bá ju ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ẹran tútù tó rà lọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àṣìṣe yìí ló ṣe.

Pọ̀nmọ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n purotéènì awọ ni, ó sì ṣàìní ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara èèyàn kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi pọ̀nmọ́ rọ́pò gbogbo ẹran kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà tan ara rẹ̀ jẹ.

Ti ẹ̀fọ́ kò gba àkókò. Omi ló pọ̀ jù nínú tẹ̀tẹ̀: purotéènì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2.5 nínú 100, ọ̀rá rẹ̀ kò tó ìdajì gíráàmù. Gíráàmù 500 rẹ̀ mú purotéènì 12.5 wá, pẹ̀lú ọ̀rá 1.5. Edé gbígbẹ kéré lójú, síbẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún rẹ̀ ni purotéènì, tí gíráàmù 30 fi mú nǹkan bíi 18 wá àti ọ̀rá tó tó gíráàmù kan. Ẹ wò ó bí edé ìwọ̀nba ọwọ́ kan ṣe ju òkìtì ẹ̀fọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, purotéènì inú ìkòkò náà sún mọ́ gíráàmù 235, ọ̀rá sún mọ́ 339. Ẹran kó diẹ̀ ju ìdajì purotéènì lọ wá, ẹ̀gúsí kó ohun tó ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ wá. Bí a bá pín in sí abọ́ mẹ́jọ lọ́gbọọgba, abọ́ kọ̀ọ̀kan gba purotéènì 29 àti ọ̀rá 42. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, ti purotéènì ń fún un ní 4. Nítorí náà, kálórì tó lé ní 370 nínú abọ́ kan ti ara ọ̀rá wá, kí iyán tàbí ẹ̀bà tó dé.

Àmọ́, ta ló ń pín ọbẹ̀ lọ́gbọọgba nílẹ̀ Yorùbá? Ọbẹ̀ lè dọ́gba, ẹran kì í dọ́gba. Ìṣírò tó bá ilé mu ni kí wọ́n ya ẹran sọ́tọ̀. Bí a bá yọ ẹran kúrò, ọbẹ̀ nìkan ní purotéènì tó tó 114, tó jẹ́ nǹkan bíi 14 nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí alásè bá sì ti gé gíráàmù 600 ẹran sí ègé méjìlá tó dọ́gba, ègé kan ní purotéènì 10. Bàbá tí wọ́n bu ègé mẹ́ta fún jẹ purotéènì 44. Ọmọ tí wọ́n fún ní ègé kan jẹ 24. Ẹni tí ẹran kò kàn jẹ 14. Ẹ̀gúsí ló gbà á sílẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ ọbẹ̀ ata lásán ni, kò ní rí nǹkan kan tó nítumọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá wo tábìlì méjì lè rí i pé ọ̀kan kọ purotéènì ẹ̀gúsí sí 28 nígbà tí èkejì kọ 33. Kì í sábà jẹ́ pé ẹnì kan purọ́. Àwọn onímọ̀ kì í wọn purotéènì fúnra rẹ̀ lọ tààrà. Náítírójìn inú oúnjẹ ni wọ́n ń wọ̀n, lọ́nà tí Johan Kjeldahl ará Dẹ́ńmáàkì gbé kalẹ̀ ní 1883, wọn á wá fi iye kan sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tí wọ́n sábà ń lò fún oúnjẹ gbogbo ni 6.25. Àwọn tó mọ̀ pé náítírójìn pọ̀ díẹ̀ nínú purotéènì irúgbìn olóróró máa ń lo 5.30. Náítírójìn kan náà ló di 28 lọ́wọ́ ẹnì kan tó sì di 33 lọ́wọ́ ẹlòmíì. Nínú ìkòkò wa, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 15, ìyẹn nǹkan bíi purotéènì méjì fún abọ́ kan. Kí èèyàn ṣáà ti mú tábìlì kan, kó má máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì.

Ibi tí ìṣírò náà ti lè já kulẹ̀ gan-an ni ẹ̀gúsí tí wọ́n ti lọ̀ tà lọ́jà. Ojú kò lè rí i bóyá wọ́n ti fi nǹkan mìíràn lú u, tábìlì kò sì mọ̀. Èyí tí wọ́n rà ní odidi tí wọ́n lọ̀ nílé ló ṣeé fọkàn tán.

Àwọn alásè kan tún máa ń yọ epo tó bá léfòó lójú ọbẹ̀ kúrò. Ó bójú mu kí wọ́n dà á sínú ife tí wọ́n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá ìkòkò. Bó bá jẹ́ gíráàmù 60, ọ̀rá abọ́ kan á rẹlẹ̀ láti 42 sí 35. Kí wọ́n má rò pé epo pupa nìkan ni wọ́n yọ o: òróró ẹ̀gúsí náà máa ń jáde bí ó ti ń dín lórí iná, òun náà sì ti dà mọ́ ọn.

Fún ẹni tí dókítà ní kó dín ọ̀rá kù, àwọn nọ́ńbà yìí fi ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Bí ó bá dín ẹ̀gúsí kù sí ìdajì, ọ̀rá ìkòkò á lọ sílẹ̀ ní gíráàmù 70, ṣùgbọ́n purotéènì 42 á bá a lọ. Bí ó bá fi ẹ̀gúsí sílẹ̀ tó dín epo kù sí ṣíbí márùn-ún, ọ̀rá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gíráàmù 67, ló máa kúrò, purotéènì kò sì ní dín ní ẹyọ kan. Epo ni kó kọ́kọ́ dín.