Ìdí Tí Páàdì Fi Ń Já Láàárín Eré

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, pè mí. "Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀, sà. Páàdì mi ti bàjẹ́. Ṣáá ni ó ń já tí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù, mo sì fẹ́ ra òmíràn." Páàdì PS4 ni. Búlútúùtù ló fi ń lò ó pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń lo Windows 11. Mo ní kó má tíì náwó, kó dúró dè mí.

Nígbà tí mo débẹ̀, páàdì náà kò tilẹ̀ so mọ́ láàpútọ́ọ̀pù rárá. Ó ti gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì fi gbá bọ́ọ̀lù lórí PS4 tiẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé páàdì yìí kì í rántí ju ẹ̀rọ kan lọ. Nígbà tí páàdì àti ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ mọ ara wọn, wọ́n á jọ ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, oníkálukú á sì tọ́jú tirẹ̀. Bí páàdì bá lọ bá ẹ̀rọ mìíràn, kọ́kọ́rọ́ tuntun á gbapò ti àtijọ́ nínú rẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù kò sì ní mọ̀. Orúkọ páàdì á ṣì wà lójú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dáhùn. Àfi kí ẹ pa orúkọ àtijọ́ yẹn rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A ṣí Settings, a wọ Bluetooth & devices, a wá Wireless Controller rí, torí orúkọ tí páàdì yìí ń jẹ́ lójú Windows nìyẹn, a sì tẹ Remove device. Lẹ́yìn náà a tẹ bọ́tìnì PS mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 títí iná páàdì fi kú. A wá tẹ SHARE àti PS pọ̀, a kò sì gbọ́wọ́ kúrò títí iná funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú kíákíá, méjì-méjì. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Bí ẹ bá tẹ PS nìkan, iná á ṣẹ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa lọ́ra. Ẹ̀rọ tí páàdì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń pè, kò wá tuntun. Nígbà tí a rí iná méjì-méjì yẹn, a tẹ Add device, a mú Bluetooth, a sì tẹ Wireless Controller nígbà tó yọjú. Iná náà dúró sójú kan. Ó ti wọlé.

Láti dá a padà sórí PS4, okùn ni ẹ ó lò: ẹ fi so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì tẹ PS. Ẹ ṣọ́ra fún irú okùn tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, tí kò ní wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀. Ó máa ń ṣáájì páàdì dáadáa, ṣùgbọ́n PS4 kò ní dá a mọ̀. Ẹ fi dán an wò lára láàpútọ́ọ̀pù: bí Windows kò bá dún rárá nígbà tí ẹ ki páàdì bọ̀ ọ́, okùn ni ẹ ó kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ó ku ti jíjá. Mo ní kí ọmọ náà máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, èmi jókòó, mo ń wò ó, torí bí páàdì bá ṣe já ló ń sọ ohun tó já a. Páàdì tí iná rẹ̀ kú pátápátá, tó sì padà ṣiṣẹ́ kété tí a ki okùn ṣáájà bọ̀ ọ́, bátìrì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Èyí tó ń já nígbà tí a gbé e sílẹ̀ díẹ̀, tí kò já rí nígbà tí ọwọ́ wà lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Windows ló ń pa Búlútúùtù láti tọ́jú iná. Ẹ lọ sí Device Manager, ẹ ṣí Bluetooth, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀rọ Búlútúùtù yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wọ Power Management, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò jọ méjèèjì. Ní ojú ìwé tí a ti ń yan ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, páàdì ń ṣiṣẹ́ geere. Bí eré bá ti ń gbé pápá tuntun jáde báyìí, páàdì á kọ́kọ́ máa lọ́ra; á tẹ bọ́tìnì, agbábọ́ọ̀lù á pẹ́ kó tó gbá a. Lẹ́yìn náà ni yóò já. Páàdì tó bá ń lọ́ra kó tó já, ariwo ló ń dí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù náà. Búlútúùtù inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, dọ́ńgùlù ló rà, ohun kékeré bí èékánná tó ń gba Búlútúùtù. Inú ihò USB kan ló kì í sí. Nínú ihò kejì, tí kò ju ìbú ìka kan sí i, ni okùn háàdì dìráìfù tó kó àwọn eré rẹ̀ sí wà. USB 3.0 ni.

Búlútúùtù ń lo ọ̀nà tóóró 79 nínú afẹ́fẹ́, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz, ó sì ń fò láti ọ̀kan sí òmíràn ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ọlọ́kadà tó ń yà fún kòtò. Wáífáì ráútà inú ilé lè gba nǹkan bí 20 nínú àwọn ọ̀nà yẹn, Búlútúùtù á sì yà fún un. Ṣùgbọ́n bí USB 3.0 bá ń gbé ẹrù, okùn àti ìdí rẹ̀ máa ń tú ariwo sórí gbogbo 2.4 GHz pátá. Kò sí ibi tí ọlọ́kadà máa yà sí mọ́. Ilé-iṣẹ́ Intel tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2012, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó ń ta dọ́ńgùlù tó sọ ọ́ fún oníbàárà. Ó dùn mí, torí ọ̀pọ̀ páàdì tó dá ṣáká ni wọ́n ti fi owó gidi rọ́pò.

A kò gba àbá mi gbọ́ láìdán an wò. A yọ háàdì náà, ọmọ náà sì ṣí eré mìíràn tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Ó gbá a fún wákàtí kan, páàdì kò já. A dá háàdì padà, a ṣí eré bọ́ọ̀lù: kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi já. Mo wá mú okùn USB tí a fi ń fa nǹkan gùn, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan, mo ki dọ́ńgùlù sí orí rẹ̀, mo sì gbé e síwájú lórí tábìlì níbi tí ojú páàdì ti lè rí i. A gbé háàdì sí ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ìgbà yẹn, kò já mọ́.

Bí Búlútúùtù bá wà nínú láàpútọ́ọ̀pù yín fúnra rẹ̀, ẹ kò lè fà á jáde, nítorí náà háàdì ni ẹ ó gbé jìnnà. Ẹ tún rántí pé Wáífáì àti Búlútúùtù inú láàpútọ́ọ̀pù sábà máa ń pín ẹ̀rọ kan náà lò; bí ẹnìkan bá ń fa fáìlì ńlá wọlé nígbà tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbé Wáífáì sí 5 GHz bí ráútà yín bá ní in. PS4 náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ háàdì yìí. Mo ti rí i níye ìgbà tí wọ́n gbé háàdì lé orí rẹ̀ bí ìgbà tí a gbé ìwé lé tábìlì. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ gbé e dé ibi tí okùn rẹ̀ bá gùn dé.