Nígbà Tí Òkùnkùn Inú Tẹlifíṣọ̀n Bá Ń Ṣẹ́jú

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tẹlifíṣọ̀n yìí, ó ti ń ṣẹ́jú." Nígbà tí mo dé yàrá rẹ̀ n'Íbàdàn, ó jókòó ti páàdì géèmù lọ́wọ́, inú rẹ̀ ò dùn. Tẹlifíṣọ̀n náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílé. OLED ni, owó ńlá ni wọ́n sì fi rà á. Lójú mi, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, mi ò rí àléébù kankan. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Ó pa iná yàrá, ó wá mú ọkùnrin inú géèmù náà wọ inú ihò àpáta kan. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ara ògiri ihò náà, tó yẹ kó dúdú bí èédú, á di àwọ̀ eérú, á tún padà di èédú, bí ìgbà tí àyà ẹni tó ń sùn bá ń lọ sókè sódò. Iná ògùṣọ̀ tó wà lẹ́nu ihò náà kò yí padà rárá. Òkùnkùn nìkan ló ń ṣẹ́jú.

Wọ́n ti náwó kí wọ́n tó pè mí. Oníṣẹ́ iná ti pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ra sitebiláísà tuntun. Ẹnìkan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò ti sọ fún wọn pé ojú rẹ̀ ló ń kú lọ, kí wọ́n tètè tà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi ọmọ náà: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà, láti ìgbà tí mo ti tan VRR." Ẹnu rẹ̀ ni ìdáhùn ti jáde, kò kàn mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ ni. Ó dùn mí pé wọ́n ti náwó yẹn, nítorí kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí VRR ń ṣe. Àwòrán tó ń rìn tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n kì í rìn ní tòótọ́. Àwòrán tó dúró gbagidi ni, tí wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn kíákíá débi pé ojú wa á so wọ́n pọ̀. Látẹ̀yìnwá, iye kan náà ni tẹlifíṣọ̀n máa ń kà láìyẹsẹ̀: bó bá jẹ́ ìgbà 60 ló ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 ni láti òwúrọ̀ dalẹ́. Èyí kò ni fíìmù lára, nítorí wọ́n ti ya gbogbo àwòrán fíìmù sílẹ̀ kó tó dé ilé wa. Géèmù ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ géèmù ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣeré bá ṣe ń lọ. Pápá gbalasa kò gbà á ní àkókò púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú, tí iná ń jó, tí ogún ọ̀tá ń sáré bọ̀, iṣẹ́ pọ̀ sí i, àwòrán a sì pẹ́ kó tó jáde.

Ó wá dà bí oníjó tó ń ka ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ́kàn, tí kò gbọ́ ti onílù. Bí onílù bá fa ìlù sẹ́yìn díẹ̀, oníjó á ti gbé ẹsẹ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà méjì ni ìyẹn ń gbà hàn. Nígbà mìíràn, tẹlifíṣọ̀n á mú àwòrán tuntun nígbà tó ti fi ti àtijọ́ hàn dé ìdajì, a ó wá rí i bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú: òkè jẹ́ ti àná, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ìsinsìnyí. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ̀rọ géèmù dúró de tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀. Níbi tí a ti ń ka 60, àyè tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 17. Bí àwòrán kan bá gba 18, ó ti pàdánù àyè rẹ̀ nìyẹn, ti àtijọ́ yóò sì wà lójú fún mílísẹ́kọ́ńdì 33. Ẹni tó ń ṣeré á rí i pé ìrìn ń kọsẹ̀.

VRR ló ní kí oníjó tẹ́tí sí ìlù. Tẹlifíṣọ̀n á jáwọ́ nínú kíka iye tirẹ̀, á máa dúró de ẹ̀rọ géèmù, ìgbà tí àwòrán bá pé ni yóò fi hàn. Ojú kọ̀ǹpútà ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ Nvidia gbé G-Sync jáde ní ọdún 2013. Ìlànà HDMI 2.1, tó jáde ní ọdún 2017, ló sọ ọ́ di ohun tí tẹlifíṣọ̀n ilé náà lè ní. PlayStation 5 kò ní in nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n fi kún un. Ó wúlò gan-an. Ẹni tó bá ti fi ṣeré tó mọ́ ọn lára kì í fẹ́ pa á mọ́.

Níbo wá ni ṣíṣẹ́jú ti wọlé? Nínú OLED, kò sí gílóòbù kankan lẹ́yìn àwòrán. Àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ló ń tan iná tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kapásítọ̀ bíńtín kan wà lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú iná tí wọ́n bá rọ sínú rẹ̀. Bí iná inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni àmì náà ṣe ń mọ́lẹ̀ tó. Ìgbàkígbà tí àwòrán tuntun bá dé, wọ́n á tún un rọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ló ti wọn gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìyára kan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn tó ra tiwọn ń ṣàròyé, ilé iṣẹ́ LG fúnra wọn ṣàlàyé pé orí 120 ni wọ́n gbé ìwọ̀n náà kà, bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò ìrọná ń yí padà bí iye àwòrán tó ń wọlé bá ṣe ń yí padà. Bí àwòrán bá ń pẹ́, ohun tó ń wọ inú àwọn àmì inú òkùnkùn á ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó ń bu omi sínú ife. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, omi á dé ojú ìlà. Bí ẹnìkan bá wá ń fa kíkà náà gùn, omi á ré kọjá ìlà. Ká ní garawa tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ló ń bu omi sí, ẹ̀kún ṣíbí kan kò ní hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ife tó yẹ kí ìkán omi méjì péré wà nínú rẹ̀, ẹ̀kún ṣíbí kan náà ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ògùṣọ̀ ẹnu ihò fi dúró bó ṣe wà, tí ògiri ihò sì ń di eérú. Àwọ̀ tó sún mọ́ dúdú ni ife tí omi rẹ̀ kéré. Ojú ènìyàn pàápàá tètè máa ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú òkùnkùn ju inú ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Ká ní géèmù dúró sórí 60 láìyẹsẹ̀, dúdú á kàn mọ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni, kò sẹ́ni tí yóò sì mọ̀. Lílọ sókè sódò iye náà ló ń di ṣíṣẹ́jú. Tẹlifíṣọ̀n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ibi tó ti ń fi iye náà hàn ní igun òkè. Mo ní kó tan án. Nígbà tí ọkùnrin rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú ihò, iye náà wà ní nǹkan bí 110, ògiri sì dúdú. Ó sọ bọ́ǹbù kan sílẹ̀, èéfín rú, iye já sí 58, ògiri di eérú. Èéfín kúrò, 90, 104, ògiri ń padà di dúdú. Ọmọ náà wo nọ́ńbà, ó wo ògiri, ó tún wo nọ́ńbà. Ó ní, "Háà! Wọ́n jọ ń rìn ni!"

Tẹlifíṣọ̀n LCD náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Iná ti wà lẹ́yìn tiwọn, ohun tó wà níwájú iná náà sì dà bí fèrèsé kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì. Agbára iná ló ń mú fèrèsé kọ̀ọ̀kan dúró síbi tí wọ́n fi í sí, agbára yẹn sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán mìíràn á fi dé. Bí àwòrán bá pẹ́, jíjò náà á pọ̀. Irú LCD tí wọ́n ń pè ní VA ló sábà máa ń fi èyí hàn jù.

Ààlà ìsàlẹ̀ tún wà. VRR ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò lè lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bí 48 lọ. Bí géèmù bá wá já sí 46, àwọn ẹ̀rọ kan á fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí tẹlifíṣọ̀n lè máa ka 92. Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ ẹ wo bó ṣe fò: láti 48 sí 92 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí géèmù bá ń ṣe ségesège lórí ààlà yẹn, òkùnkùn á máa ṣẹ́jú wàìwàì. Ìgbà tí géèmù bá ń ṣí lọ́wọ́ náà rí bẹ́ẹ̀, torí iye àwòrán kì í dúró sójú kan nígbà yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àìsàn mìíràn? Bó bá jẹ́ iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ń fa á, gílóòbù yàrá á máa bá a ṣẹ́jú, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ló sì máa kàn, ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ wáyà HDMI ni kò dára, àwòrán á pòórá pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, tàbí kí àmì funfun máa tàn káàkiri bí ìràwọ̀. Ti VRR kì í kúrò nínú àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn, kì í sì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo ìròyìn tàbí fíìmù. Ẹ̀rí tó dájú jù ni pé kí ẹ pa VRR, kí ẹ padà síbi kan náà nínú géèmù. Lórí PlayStation 5, Settings, Screen and Video, Video Output ni ẹ ó ti rí i. Lórí Xbox, inú Video modes ni Allow variable refresh rate wà. Bí òkùnkùn bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ti rí ìdí rẹ̀.

Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tẹlifíṣọ̀n yín. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ojú rẹ̀, irú kan náà ni wọ́n máa fi síbẹ̀, á sì tún máa ṣẹ́jú. Ohun tó lè dín in kù ni kí iye àwòrán má ṣe rìn jìnnà. Bí géèmù bá láyè láti fi òpin sí iye rẹ̀, ẹ fi í sórí 60. Àwọn tẹlifíṣọ̀n LG kan ní ohun tí wọ́n ń pè ní Fine Tune Dark Areas, tó ń mú kí dúdú ṣókùnkùn sí i. Ó ń bo ibi tó ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á jù, ẹ ó pàdánù ohun tó wà nínú òkùnkùn náà.

Nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a fi VRR sílẹ̀ fún géèmù bọ́ọ̀lù, nítorí pápá mọ́lẹ̀, kò sí òkùnkùn tí yóò ṣẹ́jú níbẹ̀. Géèmù ihò àpáta la pa á fún. Ó tún pa iná yàrá, ó wọlé, ó ju bọ́ǹbù. Ìrìn ọkùnrin náà kọsẹ̀ díẹ̀ nínú èéfín, ó rí i, ó sì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ògiri dúdú, kò mira. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mà. Kíkọsẹ̀ yẹn, mo lè fara dà á."