Ẹ̀rọ Méjì, Òṣùwọ̀n Mẹ́ta: Nígbà Tí Ìṣirò Okòwò Bá Ń Tako Ara Wọn

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni àwọn oníṣirò owó sábà máa ń lò bí oníṣòwò bá fẹ́ kó owó ńlá lé ohun tí yóò máa mú owó wọlé fún ọdún mélòó kan. Èkíní ni àkókò ìpadàbọ̀ owó: ìgbà wo ni owó tí a ná yóò pé padà? Èkejì ni èlé inú okòwò: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni okòwò náà ń mú wá lọ́dọọdún lórí owó tó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹta ni èrè owó òní: bí a bá yí gbogbo owó tó ń bọ̀ sí iye tó tó lónìí, tí a sì yọ ohun tí a ná kúrò, èló ló ṣẹ́kù? Bó bá jẹ́ okòwò kan ṣoṣo, tí a ná owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó wá ń pa owó lẹ́yìn náà, èlé inú àti èrè owó òní kì í jiyàn lórí bóyá kí a ṣe é tàbí kí a fi í sílẹ̀. Ìgbà tí okòwò bá di méjì, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan péré la lè mú, ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà.

Ká fi ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, ṣe àpẹẹrẹ. Àyè ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ₦10 mílíọ̀nù ló sì wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n lò. Yóò mú ₦9 mílíọ̀nù wọlé lọ́dún kìíní, ₦5 mílíọ̀nù lọ́dún kejì, àtúnṣe yóò sì ti máa jẹ ẹ́ lówó nígbà tó bá di ọdún kẹta, tí ₦3 mílíọ̀nù péré yóò kù. Ẹ̀rọ tuntun kan tún wà ní iye kan náà. Àwọn oníbàárà kò ní tètè mọ̀ ọ́n, nítorí náà ₦2 mílíọ̀nù ni ọdún kìíní yóò mú wá, ₦5 mílíọ̀nù ni ti ọdún kejì, ṣùgbọ́n ọdún kẹta yóò mú ₦14 mílíọ̀nù wá, pẹ̀lú owó tí wọn yóò rí nígbà tí wọ́n bá ta ẹ̀rọ náà. Ohun tí owó ilé ìtẹ̀wé yìí lè pa níbòmíràn, láìsí ewu tó ju èyí lọ, jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Àkókò ìpadàbọ̀ owó ló rọrùn jù láti ṣírò. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ yóò dá ₦10 mílíọ̀nù padà láàárín ọdún kan àti oṣù méjì àbọ̀. Ẹ̀rọ tuntun yóò gba ọdún méjì àti bí oṣù mẹ́ta. Tòkunbọ̀ ló borí. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kò wo ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá ti pé. Ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ tuntun yóò mú ₦40 mílíọ̀nù wá lọ́dún kẹrin, ìdájọ́ rẹ̀ kò ní yí padà.

Èrè owó òní ń béèrè iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Náírà tí a óò gbà lọ́dún tó ń bọ̀ kò tó náírà òní, torí pé èyí tó wà lọ́wọ́ lè pa ìdá 20 kó tó di ìgbà náà. Nítorí náà a ó pín owó ọdún kìíní sí 1.2, a ó pín ti ọdún kejì sí 1.44, ti ọdún kẹta sí 1.728. Owó ẹ̀rọ tòkunbọ̀ á wá di ₦7.5 mílíọ̀nù, ₦3.47 mílíọ̀nù àti ₦1.74 mílíọ̀nù. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a yọ ₦10 mílíọ̀nù kúrò, èrè tó kù jẹ́ nǹkan bíi ₦2.71 mílíọ̀nù. Ìṣirò kan náà fún ẹ̀rọ tuntun mú ₦3.24 mílíọ̀nù jáde. Níbí yìí, ẹ̀rọ tuntun ló borí.

Èlé inú okòwò ni ìwọ̀n èlé tí yóò sọ èrè owó òní di òfo. Dídán-án-wò ni wọ́n fi ń rí i: a ó máa gbé ìwọ̀n èlé sókè títí èrè yóò fi tán. Ti ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 40.7, ti ẹ̀rọ tuntun wà ní nǹkan bí ìdá 34.5. Tòkunbọ̀ tún borí.

Ohun tí ń fa àríyànjiyàn yìí á hàn bí a bá gbé ẹ̀rọ méjèèjì kọ ojú síra wọn. Owó ọdún kejì wọn dọ́gba, a lè gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá mú ẹ̀rọ tuntun ń pàdánù ₦7 mílíọ̀nù ní òpin ọdún kìíní, ó sì ń gba ₦11 mílíọ̀nù dípò rẹ̀ ní òpin ọdún kẹta. Ṣé pàṣípààrọ̀ náà dára? ₦7 mílíọ̀nù tó bá pa ìdá 20 fún ọdún méjì yóò di ₦10.08 mílíọ̀nù, kò tó ₦11 mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ tuntun fi ₦920,000 jù ú lọ ní ọdún kẹta, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi ₦532,000 lónìí, gẹ́lẹ́ bí èrè méjèèjì ṣe fi jura wọn lọ. Ìdá 40.7 tí tòkunbọ̀ ń mú wá dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n orí owó tó ń yára jáde kúrò nínú okòwò ló wà. Lẹ́yìn ọdún kìíní, ₦9 mílíọ̀nù ti bọ́ sóde, níbi tí yóò ti máa pa ìdá 20 péré.

Pàṣípààrọ̀ ₦7 mílíọ̀nù sí ₦11 mílíọ̀nù ní èlé tirẹ̀, ìdá 25.4 lọ́dún. Ojúkòó yẹn ni èrè ẹ̀rọ méjèèjì ti dọ́gba, àwọn onímọ̀ sì ń fi orúkọ Irving Fisher, onímọ̀ ọ̀rọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, pè é. Bí owó bá gbówó lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè owó òní fúnra rẹ̀ yóò yí sọ́dọ̀ tòkunbọ̀: ní ìdá 30, tòkunbọ̀ ní ₦1.25 mílíọ̀nù, ẹ̀rọ tuntun ní ₦0.87 mílíọ̀nù. Àríyànjiyàn kò sí mọ́ nìyẹn.

Èlé inú tún ní àléébù mìíràn. Bí okòwò bá tún máa gba owó lọ́wọ́ onílé ní ìparí, èlé rẹ̀ lè jẹ́ méjì. Àpẹẹrẹ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà fi ń jiyàn láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ti ẹ̀rọ tuntun tó ń yára fa epo rọ̀bì: a ná dọ́là 1,600, a rí 10,000 gbà lọ́dún kìíní, a sì pàdánù 10,000 lọ́dún kejì torí pé epo ti tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìdá 25 bá ìṣirò náà mu, ìdá 400 náà bá a mu. Kò sí èyí tí ènìyàn lè gbé ìpinnu lé.

Àwọn tó ń fi Ẹksẹ́ẹ̀lì ṣe é ní ohun kan láti ṣọ́ra fún. Iṣẹ́ `NPV` inú rẹ̀ gbà pé ọdún kan ti kọjá kí owó àkọ́kọ́ inú àkámọ́ tó wọlé. Owó tí a ná lónìí gbọ́dọ̀ wà lóde àkámọ́, kí ó sì ní àmì ìyọkúrò:

```
=NPV(20%,B3:B5)+B2
```

Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú yóò rí ₦2.26 mílíọ̀nù fún tòkunbọ̀ dípò ₦2.71 mílíọ̀nù.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, èrè owó òní ló yẹ kí ilé ìtẹ̀wé náà fi yan ẹ̀rọ, nítorí náírà ló ń sọ, kì í ṣe ìdá. Àmọ́ àkókò ìpadàbọ̀ owó kò wúlò lásán. Ó ń tọ́ka sí ibi tí okòwò gbára lé àsọtẹ́lẹ̀. Ìgbọ́kànlé ẹ̀rọ tuntun wà lórí ₦14 mílíọ̀nù ọdún kẹta, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Bí iye yẹn bá fi ohun tó ju ₦920,000 dín, bóyá nítorí pé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà dúnàá-dúrà jù, tòkunbọ̀ ni yóò borí nínú òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.