Ọjọ́ Tí Áyódìnì Fi Ń Dín sí Ìdajì

Àwọn dókítà máa ń fi áyódìnì-131 wo irú gẹ̀gẹ̀ kan. Bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń yára dín tó: dN/dt = −0.0866N, tí a bá fi ọjọ́ ka t.

Ẹnì kan lè dá N = 100 − 8.66t lábàá. Ó tọ̀nà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára tirẹ̀ kì í yí padà bí N ti ń dín, nítorí náà kò bá a mu. Ẹ dán N = 100e^(−0.0866t) wò. Ìyára rẹ̀ ni −0.0866 × 100e^(−0.0866t), ìyẹn −0.0866N gan-an. Òun nìyẹn.

Nígbà wo ló máa ku ìdajì? Ẹ fi 50 sí ipò N, kí ẹ fi 100 pín in: 0.5 = e^(−0.0866t). Ẹ tẹ ln 0.5 lórí kakulétọ̀, −0.693 ló máa gbé jáde. Nítorí náà t = 0.693 ÷ 0.0866, ọjọ́ 8. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé 100 ti kúrò nínú ìṣirò náà: bó jẹ́ 7 la fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 8 náà ni.