Gáàsì Tí Ooru Ń Fa Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Sẹ́yìn

Bí a bá da ásíìdì náítríìkì tí a ti fi omi là lé ègé bàbà lórí, gáàsì kan tí kò ní àwọ̀ yóò máa hó jáde. Náítríìkì ọ́ksáìdì ni orúkọ rẹ̀, NO sì ni wọ́n ń kọ ọ́ ní kúkúrú. Bí a bá gbà á sínú ìgò, ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ìgò òfìfo ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a ṣí ìdérí kí afẹ́fẹ́ wọlé: kíá ni ẹnu ìgò yóò pọ́n rúsúrúsú, tí àwọ̀ náà yóò sì máa rìn lọ sísàlẹ̀. NO ti pàdé ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ti di NO2. Májèlé ni gáàsì pupa yìí, ó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dán an wò nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè jáde.

```
2NO + O2 → 2NO2
```

Ohun tí ìlà yìí sọ fún wa kò ju ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde lọ. Kò sọ bí wọ́n ṣe yára tó, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Láti mọ ìyára, àfi kí èèyàn wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1918, Max Bodenstein, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì, tẹ ìwádìí jáde lórí ìyára gáàsì méjì yìí gan-an. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á mú ohun kan dúró sójú kan, wọ́n á sì máa yí èkejì padà. Bí ọ́ksíjìn kò bá yí padà, tí wọ́n wá sọ NO di ìlọ́po méjì, ìyára á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí NO ni kò bá yí padà, tí wọ́n sọ ọ́ksíjìn di ìlọ́po méjì, ìyára á di ìlọ́po méjì péré. Èyí ni òfin ìyára tí wọ́n rí:

```
ìyára = k[NO]²[O2]
```

[NO] túmọ̀ sí iye NO tó wà nínú ìwọ̀n àyè kan, bẹ́ẹ̀ náà ni [O2]. Nọ́ńbà kékeré tó gun orí NO ni à ń pè ní ipele: ipele kejì ni fún NO, ipele kìíní fún ọ́ksíjìn, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ ìpele kẹta. Lẹ́tà k dúró fún bí ìpàdé wọn ṣe máa ń yá tó nínú ooru kan pàtó.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òfin yìí lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí: mólékù NO méjì àti ọ́ksíjìn kan forí gbárí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì di NO2. Ohun méjì ni kò jẹ́ kí n gba èyí wọlé. Àkọ́kọ́ ni pé kí mólékù mẹ́ta pàdé lójú kan náà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ṣọ̀wọ́n gan-an. Èkejì ló le jù: bí a bá gbé ooru sókè, ìyára máa ń dín kù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ooru máa ń jẹ́ kí nǹkan tètè jinná, tètè bàjẹ́, tètè jó. Mólékù tó ń fi agbára kọlu ara wọn yẹ kó tètè yí padà bí ooru bá pọ̀. Èyí ń ṣe òdì kejì. Àmì ni pé nǹkan kan wà láàárín tí ooru ń bàjẹ́ kó tó dé òpin.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dá a lábàá pé ìgbésẹ̀ méjì ló wà. Ní àkọ́kọ́, NO méjì so mọ́ ara wọn, wọ́n di N2O2. Ìsopọ̀ yìí kò lágbára rárá, kò sì pẹ́ tí yóò fi tú ká padà sí NO méjì. Ní ìgbésẹ̀ kejì, bí ọ́ksíjìn bá bá N2O2 kan kó tó tú ká, àwọn méjèèjì á di NO2 méjì. N2O2 kì í ṣe ohun tí a kàn fi ọkàn yàwòrán rẹ̀; àwọn onímọ̀ ti rí i nínú NO tí òtútù ti sọ di omi tàbí tó ti dì gbagidi.

```
NO + NO → N2O2      (k1)
N2O2 → NO + NO      (k-1)
N2O2 + O2 → 2NO2    (k2)
```

Ibi tí ìṣòro wà ni pé NO2 ń jáde ní ìwọ̀n k2[N2O2][O2], a kò sì lè wọn N2O2. Ó kéré jù, ó sì ń parẹ́ bó ṣe ń yọjú. Òfin ìyára tó ní ohun tí a kò lè wọ̀n nínú kò wúlò, nítorí kò sí bí a ṣe fẹ́ fi í wé ohun tí wọ́n rí nínú ìgò.

Ojútùú rẹ̀ jáde ní 1913. Bodenstein yìí kan náà ló mú un wá nígbà tó ń ṣèwádìí háídírójìn àti kílórínì; ní ọdún yẹn kan náà, Chapman àti Underhill ní Oxford náà lò ó. Ẹ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ihò méjì wà nídìí rẹ̀, tí ẹ̀rọ omi ń da omi sí i. Omi á kọ́kọ́ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ga ni yóò máa tú jáde sí i, títí tí ohun tó ń wọlé yóò fi bá ohun tó ń jáde dọ́gba. Láti ìgbà yẹn, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní fi bẹ́ẹ̀ ga sókè tàbí wálẹ̀ mọ́. N2O2 ni omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Ihò kan ń dá a padà sí NO. Èkejì ń gbé e lọ sí NO2. Ohun tí a ń sọ ni pé bí èròjà àárín bá kéré tí ó sì ń tètè parẹ́, a lè kà á sí pé iye tó ń dá sílẹ̀ àti iye tó ń parẹ́ dọ́gba. Ìdúró-déédéé ni a ó máa pè é níbí. Ó kọ̀wé báyìí:

```
k1[NO]² = k-1[N2O2] + k2[N2O2][O2]
```

Apá òsì ni ohun tó ń wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Apá ọ̀tún ni ihò méjèèjì. Ní báyìí, N2O2 wà ní ibi méjì lápá ọ̀tún, a sì lè yọ ọ́ síta:

```
[N2O2] = k1[NO]² / (k-1 + k2[O2])
```

Ohun tí a kò lè wọ̀n ti di ohun tí a lè wọ̀n. A fi í sínú ìyára tí NO2 fi ń jáde. NO2 méjì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyí tí 2 fi wà níwájú:

```
ìyára = 2 k1 k2 [NO]² [O2] / (k-1 + k2[O2])
```

Ẹ fi èyí wé ti Bodenstein. Orí rẹ̀ bá a mu pátápátá, [NO]² àti [O2]. Ìdí rẹ̀ ni kò bá a mu, nítorí [O2] tún wà níbẹ̀. Ibí ni mo rò pé ìṣirò yìí ti wúlò jù lọ, torí ó fi ohun tí a lè dán wò lé wa lọ́wọ́. Bí ihò tó ń dá N2O2 padà bá tóbi ju èkejì lọ fíìfíì, k2[O2] kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ k-1, a lè gbójú fò ó, ohun tó kù sì ni (2k1k2/k-1)[NO]²[O2]. Òfin tí wọ́n rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Bí ihò kejì bá ló tóbi jù, [O2] òkè àti ìsàlẹ̀ á pa ara wọn rẹ́, ìyára á di 2k1[NO]², ọ́ksíjìn kò sì ní ka nǹkan mọ́. Nígbà tí wọ́n ti rí i pé ìyára ń tẹ̀ lé ọ́ksíjìn dáadáa, a mọ̀ pé N2O2 púpọ̀ ń tú ká kí ọ́ksíjìn tó bá wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ ooru náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Iye k1/k-1 ló ń sọ bí N2O2 ṣe pọ̀ tó. Sísopọ̀ NO méjì máa ń tú ooru jáde, nítorí náà bí ìta bá gbóná, ìsopọ̀ náà á máa tètè tú ká, N2O2 á dín kù. Ooru ń mú k2 yára díẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù N2O2 pọ̀ ju èrè yẹn lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ásíìdì náítríìkì mọ èyí dáadáa. Wọ́n ń jó amóníà lórí àwọ̀n pílátínọ́ọ̀mù nínú iná tó lé ní 800°C, ṣùgbọ́n kí NO tó jáde níbẹ̀ tó lè di NO2, wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú kó tutù, wọ́n sì tún ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí [NO]² ń ṣe sí àkókò. Nínú afẹ́fẹ́ tó wà ní 25°C, bí NO bá jẹ́ ìdá kan nínú 100, ìdajì rẹ̀ á di NO2 láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù, ìdajì rẹ̀ á gbà ju ọjọ́ 2 lọ, torí pé àkókò ń gùn ní ìlọ́po kan náà tí NO fi ń dín kù, ìyẹn 10,000. Ìdí nìyí tí gáàsì inú ìgò fi ń pọ́n kíá, tí NO tó ti ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀ jáde, tó sì ti fọ́n ká, kì í fi í tètè di NO2 lọ́nà yìí. Ósóònù inú afẹ́fẹ́ ló máa ń yí irú ìyẹn padà, ọ̀nà mìíràn sì nìyẹn.

Àwọn ibi kan wà tí ìdúró-déédéé kì í ti í ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní omi nínú, ohun tó ń wọlé pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ. Bí èròjà àárín bá sì dúró pẹ́, tí ó ń kó jọ títí tó fi tó ohun tí a lè wọ̀n, ìṣirò yìí á purọ́ fún wa. Ohun tó ń fi hàn ni pé iye ohun tó ti parẹ́ lára èròjà àkọ́kọ́ kò ní bá iye ohun tó ti jáde mu; ìyàtọ̀ yẹn wà nínú èròjà àárín.

Bí òfin bá tilẹ̀ bá ara mu, ẹ̀rí kọ́ ni pé ọ̀nà náà nìyẹn. Ká sọ pé NO kan ló kọ́kọ́ so mọ́ ọ́ksíjìn, wọ́n di NO3, NO kejì wá bá a, wọ́n di NO2 méjì. Ìṣirò kan náà fún wa ní:

```
ìyára = 2 k1 k2 [NO]² [O2] / (k-1 + k2[NO])
```

Bí NO3 bá ń tètè tú ká, [NO]²[O2] náà ló ń jáde, ìyàtọ̀ kankan kò sí sí ti àkọ́kọ́. Orí òfin ìyára mọ̀ pé NO méjì àti ọ́ksíjìn kan ló kó ara jọ. Kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ẹni kejì. Ìdí wọn nìkan ló yàtọ̀. Bí a bá lè ti àwọn gáàsì náà débi tí ìdí á fi hàn, ọ̀nà N2O2 á pàdánù ipele ọ́ksíjìn, ọ̀nà NO3 á pàdánù ọ̀kan nínú ipele NO méjì. Ṣùgbọ́n nínú ipò tí à ń bá pàdé lójoojúmọ́, k-1 tóbi jù fún èyíkéyìí nínú wọn láti yọjú, àfi kí èèyàn wá èròjà àárín fúnra rẹ̀ rí.