Ìbéèrè Mẹ́wàá Láti Inú Ìsọ̀ Aláṣọ Kan

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti há òfin dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì sórí, àmọ́ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè yẹ ìdáhùn ara wọn wò. Ọ̀nà kan wà: lẹ́yìn gbogbo káràkátà, iye ohun ìní gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ owó ìdókòwò àti gbèsè mu. Ìsọ̀ aláàdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta la fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìbéèrè mẹ́wàá yìí. Kí ọmọ kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó ka àlàyé.

1. Ìyá aláṣọ fi ₦200,000 owó ara rẹ̀ dá ìsọ̀ sílẹ̀. Èló ni ohun ìní, owó ìdókòwò àti gbèsè?

2. Àkáǹtì wo la ó dẹ́bíìtì, èwo la ó kírẹ́díìtì?

Ohun ìní ni ₦200,000 tó wà nínú àpótí. Owó ìdókòwò náà jẹ́ ₦200,000, gbèsè ò sì sí. Nínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ìsọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni ín, ìdí nìyẹn tí ìsọ̀ fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ìyá wà lọ́wọ́ òun. A ó dẹ́bíìtì àkáǹtì owó ní apá òsì, a ó sì kírẹ́díìtì àkáǹtì owó ìdókòwò ní apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni káràkátà kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọ ibi méjì. Àwọn oníṣòwò ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àlùfáà Lúkà Pàṣólì tó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1494.

3. Ó fi ₦80,000 ra aṣọ tí yóò tà, ó sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Èló ni gbogbo ohun ìní báyìí?

4. Ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ láwìn ní ₦50,000. Kí ló yí padà?

5. Àkáǹtì méjì wo ni ẹ̀rọ náà kàn?

6. Ó san ₦20,000 nínú gbèsè ẹ̀rọ. Kí ló kù?

Ọmọ tó bá sọ pé ohun ìní dín kù ní ìbéèrè kẹta ti gbàgbé pé owó ló di aṣọ: ₦120,000 ló ṣẹ́ kù nínú àpótí, aṣọ jẹ́ ₦80,000, àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ₦200,000. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ohun ìní di ₦250,000, gbèsè sì di ₦50,000. A ó dẹ́bíìtì àkáǹtì ẹ̀rọ, a ó sì kírẹ́díìtì àkáǹtì ẹni tó tà á. Àkáǹtì owó ò sí níbẹ̀, nítorí kọ́bọ̀ ò tíì jáde. Lẹ́yìn tó san ₦20,000, ohun ìní di ₦230,000: owó ìdókòwò ₦200,000, gbèsè ₦30,000.

7. Ó ta aṣọ tó rà ní ₦30,000 ní ₦45,000 owó lọ́wọ́. Èló ni owó ìdókòwò báyìí?

8. Ó mú ₦10,000 nínú àpótí san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣé ìnáwó ìsọ̀ ni?

Èrè ₦15,000 jẹ́ ti ẹni tó ni ìsọ̀, nítorí náà owó ìdókòwò di ₦215,000. Ohun ìní di ₦245,000, gbèsè ò yí padà. Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìnáwó ìsọ̀ rárá. Owó tí onísọ̀ mú fún ara rẹ̀ ni, kò kan èrè, ṣùgbọ́n ó dín owó ìdókòwò kù sí ₦205,000. Ohun ìní náà wá di ₦235,000.

9. Fún ₦20,000 ìbéèrè kẹfà, akọ̀wé dẹ́bíìtì ẹni tó ta ẹ̀rọ dáadáa, àmọ́ ₦2,000 ló kírẹ́díìtì nínú àkáǹtì owó. Báwo la ó ṣe mọ̀?

10. Akọ̀wé dẹ́bíìtì àkáǹtì ọjà rírà nígbà tó yẹ kó dẹ́bíìtì àkáǹtì ẹ̀rọ. Ṣé tíráyà bálánsì yóò fi hàn?

Ní ìkẹsàn-án, apá òsì yóò fi ₦18,000 ju apá ọ̀tún lọ. Pín in sí 9: ₦2,000 géérégé, kò ṣẹ́ kù. Bí ìyàtọ̀ bá ṣeé pín sí 9 báyìí, kọ́kọ́ wá òdo tó fò tàbí nọ́ńbà tó gbapò ara wọn, bíi 54 tí a kọ dípò 45.

Ní ìkẹwàá, tíráyà bálánsì ò ní fi nǹkan kan hàn, nítorí ₦50,000 wọ òsì, ₦50,000 wọ ọ̀tún. Tí wọ́n bá fi ìwé náà ṣírò èrè, èrè yóò fi ₦50,000 dín, ẹ̀rọ náà ò sì ní sí lára ohun ìní. Nítorí pé ohun ìní àti owó ìdókòwò jọ dín ní iye kan náà, ìdọ́gba gan-an kò ní bàjẹ́. Ìwé ẹ̀rí ìrajà nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀, àti ìbéèrè kan tó yẹ kí ọmọ máa bi ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kálámù: ṣé wọ́n ra nǹkan yìí láti tà ni, àbí láti fi ṣiṣẹ́?