Ímeèlì Dé Ẹnu Ọ̀nà: Bí Sáfà Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Máa Gbà àti Èyí Tó Máa Dá Padà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Yahoo yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú àkọsílẹ̀ tó fi síta fún dòméènì yahoo.com. Ó sọ ọ́ di `p=reject`. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń fi ímeèlì bára wọn sọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹni tó ń lo Yahoo á kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ rẹ̀, sáfà Gmail á dá ẹ̀dà tó bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà, ẹ̀rọ tó ń pín lẹ́tà ẹgbẹ́ náà á sì rò pé àdírẹ́ẹ̀sì àwọn tó ń lo Gmail ti kú, á yọ orúkọ wọn dànù. Àwọn wọ̀nyẹn ò mọwọ́, wọn ò mẹsẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, AOL náà ti ṣe bíi Yahoo.

Ká tó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, a ní láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ sáfà tó fẹ́ gbà á. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní orúkọ olùfiránṣẹ́ méjì. Ti àkọ́kọ́ wà lára àpòòwé: sáfà tó gbé lẹ́tà wá ló ń pè é fún sáfà tó ń gbà á, pẹ̀lú àṣẹ `MAIL FROM`, ojú ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí kì í sì í rí i. Ìkejì wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, ní ìlà `From:`, òun ni èyí tí gbogbo wa ń kà lójú fóònù. Látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí òfin tó ní kí àwọn méjèèjì bára mu. Inú àlàfo yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń jẹun.

Àyẹ̀wò kìíní, SPF, orúkọ ara àpòòwé ló ń wò. Sáfà tó ń gba lẹ́tà á lọ sínú DNS, níbi tí oní-dòméènì ti kọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì IP tó gbà láyè láti máa gbé lẹ́tà òun. Bí àdírẹ́ẹ̀sì tó ń kàn lẹ́nu ọ̀nà bá wà níbẹ̀, ó yege. Àyẹ̀wò kejì, DKIM, ìfọwọ́sí ló ń wò. Sáfà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ á ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí fọwọ́ sí ara lẹ́tà àti àwọn ìlà òkè bíi mélòó kan. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yẹ ìfọwọ́sí náà wò wà ní gbangba nínú DNS. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ kan nínú ara lẹ́tà lójú ọ̀nà, ìfọwọ́sí náà bàjẹ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé yíyege nínú méjèèjì ti tó. Kò tó o. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: ilé ìfowópamọ́ kan, tí dòméènì rẹ̀ ń jẹ́ banki.example, bẹ iléeṣẹ́ ìpolówó kan pé kó bá òun fi ìròyìn oṣooṣù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Nígbà tí lẹ́tà náà dé, sáfà tó gbà á kọ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ sí òkè lẹ́tà:

```
Authentication-Results: mx.olugba.example;
  spf=pass smtp.mailfrom=ipolowo.example;
  dkim=pass header.d=ipolowo.example;
  dmarc=fail header.from=banki.example
```

SPF yege, DKIM yege, síbẹ̀ DMARC kùnà. Ìdí ni pé ìbéèrè tí DMARC ń béèrè yàtọ̀: ṣé dòméènì tó yege yìí bá èyí tó wà ní ìlà `From:` mu? Ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ bá a mu. Níhìn-ín, orúkọ iléeṣẹ́ ìpolówó ló yege, orúkọ ilé ìfowópamọ́ ni oníbàárà ń rí. Kò sẹ́ni tó purọ́, ṣùgbọ́n sáfà ò lè fi àbájáde yìí mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà náà àti lẹ́tà olè. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kí ilé ìfowópamọ́ gba iléeṣẹ́ náà láyè láti máa fi orúkọ banki.example ṣe ìfọwọ́sí DKIM. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú àwọn ìlà yìí lórí lẹ́tà tirẹ̀ lè tẹ `Show original` nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà.

Bí DMARC bá kùnà, sáfà á wo ohun tí oní-dòméènì kọ sínú DNS pé kí wọ́n ṣe:

```
_dmarc.banki.example. TXT "v=DMARC1; p=quarantine; rua=mailto:iroyin@banki.example"
```

Ohun mẹ́ta ló lè wà lẹ́yìn `p=`. `none` túmọ̀ sí pé kí sáfà ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kó kàn fi ìròyìn ránṣẹ́. `quarantine` ní kó fura sí i, èyí tó sábà máa ń gbé lẹ́tà lọ sí fódà Spam. `reject` ní kó má gbà á rárá.

Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí yàtọ̀ síra ju bí wọ́n ṣe dà lójú lọ. Bí sáfà bá dá lẹ́tà padà, ó ń dá a padà nígbà tí ẹni tó gbé e wá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ni, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi `550`, olùfiránṣẹ́ á sì gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó lọ sí Spam, `250` ni sáfà dáhùn, ìyẹn ni pé ó ti gbà á. Ilé ìfowópamọ́ wa á rò pé lẹ́tà òun dé, oníbàárà ò sì ní rí nǹkan kan. Lójú tèmi, ìkọ̀sílẹ̀ tó pariwo sàn ju ìgbàwọlé tó dákẹ́ yìí lọ fún ẹni tí ò ṣẹ̀. Nọ́ńbà mìíràn tún wà, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4: bí DNS ò bá dáhùn lásìkò, sáfà lè ní kí ẹni náà lọ, kó padà wá tó bá yá.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ Yahoo á yé wa. Nígbà tí lẹ́tà ọmọ ẹgbẹ́ bá gba ọwọ́ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ kọjá, ẹ̀rọ náà sábà máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ síwájú àkọlé, á sì fi ìlà méjì-mẹ́ta sí ìsàlẹ̀. Ìfọwọ́sí DKIM ti Yahoo bàjẹ́ níbẹ̀. SPF lè yege, àmọ́ orúkọ ẹgbẹ́ ló yege fún. `From:` ṣì ń pè é ní yahoo.com, Yahoo sì ti ní kí wọ́n má gba irú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìpín-lẹ́tà bíi Mailman fi ọgbọ́n bọ́: wọ́n mú kó ṣeé ṣe láti fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ sí `From:` dípò ti ẹni tó kọ̀wé.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ń fi ọ̀pọ̀ lẹ́tà ránṣẹ́, ní ti Gmail èyí tó tó 5,000 lóòjọ́, gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC, bó tiẹ̀ jẹ́ `p=none`. Ìyẹn ò lé gbájúẹ̀ lọ. Ẹni tó ra dòméènì tó jọ ti ilé ìfowópamọ́, tó kàn yí álífábẹ́ẹ̀tì kan padà, lè ṣètò gbogbo ẹ̀, kí àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yege gedegbe. Ohun tí àyẹ̀wò ń sọ ni ẹni tó ni orúkọ náà. Kò sọ ìwà onítọ̀hún, ìdí nìyí tí sáfà fi tún ń wo ìtàn dòméènì náà àti ohun tó wà nínú lẹ́tà.

Ọwọ́ sáfà tó ń gba lẹ́tà náà sì ni ìpinnu ìkẹyìn wà. `p=reject` jẹ́ ẹ̀bẹ̀ oní-dòméènì, ìlànà DMARC fúnra rẹ̀ gba sáfà láyè láti ṣe ohun mìíràn bó bá ní ìdí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí yẹn ló yẹ kó hàn nínú ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì `rua`. Fún lẹ́tà ẹgbẹ́ tí sáfà dá mọ̀, tó sì gbà wọlé láìka ìkùnà sí, báyìí ló máa ń rí:

```
<disposition>none</disposition>
<reason><type>mailing_list</type></reason>
```